Ìjáde Kejì Tí Kò Ní Wáyé

Sheffield,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kìn-ín-ní, 2025.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ sì kú àìrí mi. Mo gúnlẹ̀ ní àlàáfíà lánàá. Òtútù ibí kò tíì mọ̀ pé mo ti lọ sílé, ó gbá mi mú bíi pé mo jẹ̀bi. Ṣé etí ọ̀tún yẹn ò hó mọ́? Ẹ má jẹ́ ká máa fi fóònù pariwo mọ́ra wa mọ́. Bí ẹ ṣe ṣe é lọ́dún tó kọjá náà ni kí ẹ ṣe: ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sórí Wasáàpù. Èmi náà á máa tẹ tèmi ránṣẹ́, kí ẹ lè kà á nígbà tó bá wù yín.

Nígbà tí mo ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, ẹ bi mí pé báwo ni ìjáde èmi àti Gbádérọ̀ ṣe rí. Mo ní ó dáa. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdajì yòókù lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ ní ìjọ.

Ilé oúnjẹ kan ní Ring Road ló mú mi lọ. Ó ti débẹ̀ kí n tó dé. Kò fọ́nnu, kò jágbe mọ́ ọmọ tó ń gbé oúnjẹ, kò sì bi mí ní iye tí wọ́n ń san fún mi lókè òkun. Ó sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ bísíkíìtì rẹ̀ ní Olúyọ̀lé, pé bí iná bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, gbogbo ohun tí wọ́n yan láàárọ̀ ọjọ́ náà ló máa di oúnjẹ adìyẹ. Ó bi mí nípa àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú, ó sì gbọ́ èsì mi tán. Bí mo bá ń wá àbùkù, mi ò rí.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò fà sí i, Màámi. Fún wákàtí méjì mo jókòó, mò ń dúró dè é. Bó bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń rẹ́rìn-ín kí ìtìjú má baà bá a. Nígbà tó dìde lọ fọwọ́, ara tù mí bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Nígbà tó sún mọ́ mi láti fi fọ́tò kan hàn mí, èjìká mi fúnra rẹ̀ ló yẹ̀. Mi ò rán an.

Lẹ́nu géètì wa ní Àgbowó, ó ní, "Jọlá, nígbà tí o bá tún wálé, ṣé a tún máa jáde?" Mo ní, "Jẹ́ ká máa wò ó." Ìdáhùn ojo ni. Mo ti ń kábàámọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ náà, torí mo mọ̀ pé ó ti gbé e relé bí ẹni gbé ìlérí. Mo fẹ́ kọ̀wé sí i láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí n sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, kí n sì sọ ọ́ tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Ọmọ yín,
Jésùlọlá.


Àgbowó, Ìbàdàn.
15/1/2025

Àníkẹ́ mi,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó gbé ọ gúnlẹ̀. Etí náà ń hó, má jẹ́ kí n purọ́ fún ọ, ó ń hó bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ etí la fẹ́ sọ.

Mo ka ìwé rẹ. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á. Mo fi Ẹlẹ́dàá rẹ bẹ̀ ọ́, má kọ̀wé kankan sí ọmọ yẹn.

Ta ló sọ fún ọ pé ọjọ́ kan ni ọkàn fi ń fà? Ọjọ́ tí bàbá rẹ kọ́kọ́ wá kí mi nílé àwọn òbí mi, ó jókòó lórí fìlà ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò mọ̀. Ṣé o rò pé ọkàn mi fà? Àánú ló ṣe mí. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n la fi gbé pọ̀ kó tó sùn. Ìfẹ́ bíi ti èlùbọ́ ni, o kì í wo èyí tó wà nínú àpò kí o ní kò yó ọ.

O ti pé ọdún márùndínlógójì. Gbádérọ̀ pé méjìdínlógójì, kò mu ọtí, kò tíì níyàwó rí, kò sì bímọ síta. Láti ọdún méjì tó ti ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn nínú ìjọ wa, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè. Kí lo tún ń wá?

Bó bá jẹ́ dandan kí o kọ nǹkan, má kọ ọ́ tán. Sọ pé o ń fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà. Sọ pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o ráyè. A kì í la "rárá" mọ́ ọmọ èèyàn lójú bẹ́ẹ̀. Fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, bó bá máa kú, kó kú fúnra rẹ̀, bó bá sì máa yè, kó rí àyè yè.

Dá mi lóhùn kíákíá.

Ìyá rẹ ni,
Mojísọ́lá.


Sheffield,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kìn-ín-ní, 2025.

Màámi,

Ẹ kú ìnira. Mo rí ìwé yín, mo sì gbé e yẹ̀ wò fún odidi ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà mo kọ tèmi. Mo ti fi ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́bọ̀, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ yín, nígbà tó ti kúrò níbi iṣẹ́, kó má baà kà á níwájú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo kọ rèé, ẹyọ kan ò kúrò níbẹ̀:

"Gbádérọ̀, mo kí ọ o. O ṣeun fún ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Mo gbádùn ìtàn ilé iṣẹ́ yín, mo sì mọ rírì bí o ṣe fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. O bi mí bóyá a tún máa jáde, mo sì fún ọ ní èsì tí kò dúró síbì kan. Má bínú. Èsì mi gan-an ni pé rárá. Ọkàn mi ò fà sí ọ ní ọ̀nà tí ọkàn obìnrin fi ń fà sí ẹni tó fẹ́ fẹ́, mi ò sì fẹ́ kí o máa retí ohun tí mi ò ní. Kò sí ohun tí o ṣe tó burú. Mo gbàdúrà pé kí o rí ẹni tí inú rẹ̀ á máa dùn bó bá gbọ́ ohùn rẹ. Jọlá."

Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mi ò fi kọ ọ́ bí ẹ ṣe ní kí n kọ ọ́. Bí mo bá ní iṣẹ́ ni, á dúró kí iṣẹ́ dẹ̀. Bí mo bá ní mò ń gbàdúrà sí i, ọmọ ìjọ ni, á bá mi gbàdúrà, á tún gbààwẹ̀ kún un. Mi ò ka àìdáa rẹ̀ sílẹ̀, torí bí mo bá ní bàtà rẹ ni, á lọ pààrọ̀ bàtà. Mi ò sì ní ká jẹ́ ọ̀rẹ́, torí mi ò ní pè é, ọ̀rẹ́ tí a kì í pè, ìyà ni. Ẹni tí a bá fẹ́ ṣàánú, a kì í fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ìṣísílẹ̀ díẹ̀ fún un, kó máa dúró sínú afẹ́fẹ́.

Ó dá mi lóhùn lẹ́yìn wákàtí méjì: "Mo ti rí i. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mo dúró sí báyìí, ọ̀pọ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ níbẹ̀." Mo ní, "Àmín, o ṣeun." Mi ò kọ nǹkan mìíràn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, torí ọ̀rọ̀ tó bá ti tán, bí a bá tún ń tù ú lára, ńṣe là ń tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi fi sílẹ̀ níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín.

Jésùlọlá.


Àgbowó,
9/2/2025

Jésùlọlá,

Mi ò kọ̀wé láti ọjọ́ yìí torí pé inú ń bí mi. Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n ìwé ti wù mí í kọ.

O ti ṣe bó ṣe wù ọ́. Ìwọ lo ni ọkàn rẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka "rárá" yẹn, èmi ni àyà mi já, bíi pé èmi lo kọ ọ́ sí.

Mo rò pé kò ní wá mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú sùtánà lọ́wọ́. Ó jókòó síwájú mi, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí n lè rí ẹnu rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, Jọlá ti dá mi lóhùn. Ó dá mi lóhùn dáadáa. Ẹ má bá a jà." Ó wá bi mí pé ṣé ẹ̀rọ omi wa ti ń fa omi. Mo ní kò fà. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi kànga, ó lò tó wákàtí kan níbẹ̀. Nígbà tí omi yọ, mo sunkún. Mo sọ fún un pé ọṣẹ ló wọ̀ mí lójú.

Láti Challenge ló ti ń wá o, Jésùlọlá. Láti Challenge dé Àgbowó, nítorí ìyá arúgbó tí kì í ṣe ìyá rẹ̀.

Ṣé Kérésìmesì tí o ṣèlérí kò yẹ̀? Kọ ọ́ fún mi kí n lè fọkàn sí i.

Ìyá rẹ.


Sheffield,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì, 2025.

Màámi mi,

Ẹ má bínú mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Gbádérọ̀ nítorí omi yẹn, mo sì dúpẹ́ pé kò bá yín jà nítorí mi. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀: bó bá wá, ẹ má dárúkọ mi fún un. Ẹ má sọ pé mo kí i. Ẹ má sọ pé mo bèèrè rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ "rárá", ìkíni kékeré máa ń dà bí "bẹ́ẹ̀ ni" létí rẹ̀.

Kérésìmesì kò yẹ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Mò ń bọ̀.

Jésùlọlá.


Àgbowó,
25/5/2025

Àníkẹ́ mi, ọmọ dáadáa,

O kú iṣẹ́ òyìnbó. Mo lọ síbi àyẹ̀wò etí ní ilé ìwòsàn kan ní Ring Road lọ́jọ́rú. Gbádérọ̀ ló gbé mi lọ, ó gba àyè níbi iṣẹ́. Wọ́n tì mí mọ́ yàrá kékeré kan, wọ́n fi nǹkan bò mí létí, wọ́n ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ "pín". Mo jókòó, mò ń retí "pín". Nígbà tó pẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láìgbọ́ nǹkan kan, kí wọ́n má baà rò pé mo ti sùn.

Dókítà ní ti òsì ti lọ. Ti ọ̀tún ń lọ. Ó ní ẹ̀rọ etí lè ṣèrànwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má retí púpọ̀. Gbádérọ̀ ló kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Jésùlọlá, mi ò gbọ́ ìwàásù mọ́. Mi ò gbọ́ orin. Àwọn ìyá ìjọ máa ń kí mi, wọ́n á rí i pé mi ò dáhùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọjá. Wọn ò burú, ó ti sú wọn láti máa tún ọ̀rọ̀ sọ ni. Gbádérọ̀ nìkan ni kì í sú. Kì í pariwo, á wulẹ̀ yí ojú sí mi. Gbogbo ọ̀sẹ̀, ìwọ lórí ìwé àti òun lójúkojú, ẹ̀yin méjèèjì ló kù tó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Mo ti pààrọ̀ kọ́tìnnì yàrá rẹ dè ọ́. Ọjọ́ wo gan-an lo máa wọlé ní oṣù Kejìlá?

Ìyá rẹ,
Mojísọ́lá.


Sheffield,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹfà, 2025.

Màámi,

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dárí jì mí pé ó pẹ́. Ọ̀rọ̀ etí yín ò jẹ́ kí n sùn. Ẹ gba ẹ̀rọ etí náà, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ gbà á. Iṣẹ́ ń lọ. Ìwé àṣẹ ìgbélùú mi náà ń lọ. Mi ò tíì mú ọjọ́, ẹ jẹ́ ká máa wò ó.

Mo fẹ́ràn yín gan-an.

Jésùlọlá.


Sheffield,
Ọjọ́ keje, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí tí kò ní ta yín lára, mo sì ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Gbádérọ̀ kọ̀wé sí mi lánàá. Láti oṣù Kìn-ín-ní, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ kà á:

"Jọlá, mo kí ọ. Mo rántí ohun tí o kọ sí mi, mo sì ti gbé e kúrò lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà Mọ́mì sọ fún mi pé o ti yí ọkàn padà, pé ojú ló ń tì ọ́ láti tún ẹnu rẹ dà, kí n ní sùúrù di Kérésìmesì. Mo ti ní sùúrù. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ kí o má baà gbọ́ ọ níta: èmi àti arábìnrin kan níbi iṣẹ́ wa, Ìfẹ́dayọ̀, ti ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀ nígbà yẹn. Lẹ́yìn tí Mọ́mì bá mi sọ̀rọ̀, mo ní kó má dúró dè mí. Wọ́n ti ṣe ìdána rẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. Mo ṣe é tọkàntọkàn, mi ò kábàámọ̀. Mo wulẹ̀ fẹ́ mọ ọjọ́ tí o máa balẹ̀, kí n lè wá pàdé rẹ ní pápákọ̀ òfurufú."

Màámi. Mo ka "mi ò kábàámọ̀" yẹn nínú bọ́ọ̀sì, mo bọ́ọ́lẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tí mò ń lọ.

Mo gbọ́dọ̀ tún kọ ọ́ sí i. Ẹ mọ̀ pé ó rọrùn láti sọ "rárá" fún ẹni tí a bá jẹun lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ti fi èèyàn mìíràn sílẹ̀ nítorí rẹ ńkọ́? Mo kọ báyìí: "Gbádérọ̀, mi ò yí ọkàn padà, mi ò sì rán ẹnikẹ́ni sí ọ. Ohun tí mo sọ nígbà yẹn náà ni mò ń sọ lónìí, kò sì ní yí padà ní Kérésìmesì. Ìyá mi sọ ohun tó wù ú kó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí o pàdánù dùn mí, mi ò sì lè dá a padà fún ọ. Jọ̀wọ́, má dúró dè mí mọ́." Mo sì tọrọ àforíjì lórúkọ ilé wa. Ó ti kà á.

Kí ló dé tí ẹ ṣe é? Ẹ̀yin tí ẹ nà mí nígbà tí mo purọ́ pé mo ti jẹun. Kí ló dé?

Jésùlọlá.


Àgbowó,
26/10/2025

Jésùlọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mi ò ní ẹnu láti kí ọ pẹ́.

Òótọ́ ni. Mo purọ́ fún un. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹfà, ó jókòó sínú pálọ̀ yìí, ó ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ sọ nǹkan fún yín, mo ti rí ẹnì kan." Inú rẹ̀ ń dùn. Èmi ni ìbá kọ́kọ́ bá a yọ̀. Ohun tí mo rí nínú ọkàn mi ni ọjọ́ Ìsinmi tí ẹnikẹ́ni ò ní jókòó síwájú mi mọ́, torí ọkùnrin tó bá níyàwó tuntun kì í ti Challenge wá sí Àgbowó nítorí ìyá oníyàá. Ẹnu mi là, ó ní, "Jọlá ń bọ̀ wá bá ọ." Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Mo lè fà á padà níbẹ̀. Mi ò fà á.

Ọ̀rọ̀ ìwọ àti òun kọ́ ni mo ń gbé kiri láti ìbẹ̀rẹ̀. Tèmi ni.

Lẹ́yìn ìwé rẹ sí i, Ìsinmi méjì kọjá tí kò wá kí mi. Ní ìkẹta, ó fi ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá ńlá nítorí ojú mi: "Mọ́mì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ṣeun fún gbogbo ìgbà tí ẹ gbà mí bí ọmọ. Mi ò ní lè máa wá sílé yín mọ́. Mo ti ní kí ìjọ gbé mi lọ sí ẹ̀ka wa ní Challenge. Mo ti dárí jì yín, ṣùgbọ́n mi ò ní padà wá. Nọ́ńbà ẹni tó máa ń tún ẹ̀rọ omi ṣe wà nísàlẹ̀ yìí. Ọlọ́run á bá yín gbé." Mo yẹ̀ ẹ́ wò lókè, mo yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀, bóyá mo lè rí ibi tí "bóyá" fi ara pamọ́ sí. Kò sí. Ó kọ ọ́ dáadáa. Mo mọ ẹni tó kọ́ ọ.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Challenge láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, ó dìde, ó sọ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ ò kọ sí mi nígbà tó ń sọ ọ́. Mi ò mọ ohun tó sọ. Ó sì wọlé.

Ẹ̀rọ etí náà dé, ó ń súfèé. Ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán.

Ó wá ku ìwọ. Láti oṣù Kejì ni mo ti ń bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ Kérésìmesì. O ní "bí Ọlọ́run bá fẹ́". O ní "ìwé ń lọ". O ní "ẹ jẹ́ ká máa wò ó". Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà, mo mọ ojú ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mi ò bá ọ jà. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá ọ jà? Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá wà, má tù mí lára. Kọ ọ́ sí mi bí o ṣe kọ ọ́ sí ọmọ yẹn.

Ìyá rẹ.


Sheffield,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, 2025.

Màámi mi,

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ó nira fún yín, mo mọ̀. Mi ò bínú sí yín mọ́.

Mi ò ní wá ní Kérésìmesì. Mi ò ní wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní oṣù Kẹrin, ìjọba gba àṣẹ àti kó òṣìṣẹ́ wọ̀lú kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó mú mi wá síbí. Mo wá ibòmíràn fún oṣù méjì, mo rí ọ̀kan, mo sì fi ìwé tuntun sílẹ̀. Ìwé náà wà lọ́wọ́ wọn. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ kan kúrò ní ìlú yìí kí wọ́n tó dáhùn, wọ́n á kà á sí pé mo ti fà á padà, mi ò sì ní lè wọlé mọ́. Bí wọ́n bá fún mi, ibi iṣẹ́ tuntun náà ti sọ pé kò sí ìsinmi tó gùn tó láti lọ sílé àti láti padà fún ọdún àkọ́kọ́. Bí wọn kò bá fún mi, mi ò tíì mọ ibi tí mo máa wà. Mo ti bèèrè bóyá mo lè mú yín wá sọ́dọ̀ mi. Mi ò lè mú yín wá. Òfin kò gba irú èmi láyè láti mú ẹnikẹ́ni wá.

Mo ti mọ̀ láti oṣù Kẹfà. Ohun tí mo ní kí n má ṣe sí ọkùnrin tí mo bá jẹun lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin ni mo ṣe é sí.

Kò sí ohun tí ẹ ṣe tó fà á. Kì í ṣe ìjìyà nítorí Gbádérọ̀. Ẹ má bá Ọlọ́run dúnàádúrà lórí rẹ̀, ẹ má sì gbààwẹ̀ nítorí mi pẹ̀lú ara tí kò le yẹn.

Mi ò mọ ọdún tí mo máa rí yín. Mi ò ní dárúkọ ọ̀kan. Ẹ ká kọ́tìnnì yàrá náà, ẹ fi yàrá gba ayálégbé, obìnrin ni kó jẹ́, ẹni tó lè fara balẹ̀ yí ojú sí yín.

Ọmọ yín,
Jésùlọlá.